Omi, Ẹnu àti Orí: Ìjúbà Òwúrọ̀ àti Ìjíyìn Alẹ́ fún Ẹni tí Ò Lówó Lọ́wọ́



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí ju gbogbo ìbéèrè lọ: "Bàbá, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin Ifá, ṣùgbọ́n mi ò lówó. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?" Ìdáhùn mi ni pé kó má ra nǹkan kan. Ẹni tó bá ní omi, tó ní ẹnu, tó sì ní orí lọ́rùn ti ní ohun tí ìbẹ̀rẹ̀ ń gbà. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́, láìfi ìkan pe méjì. Ẹni tí a ò tíì tẹ̀ ní Ifá ni mò ń bá sọ̀rọ̀, tí kò tíì gba ìṣefá, tí kò sì ní ojúbọ nínú ilé. Ẹni tí babaláwo rẹ̀ ti fún ní ìlànà tirẹ̀, kó máa tẹ̀lé ìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Orí la ó bẹ̀rẹ̀ sí?

Ìtàn kan wà nínú Ògúndá Méjì tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́. Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà pé ta ni nínú wọn tó lè bá ẹni tó ń sìn ín rin ìrìn àjò tó jìnnà, títí kọjá òkun, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Olúkúlùkù ní òun lè ṣe é. Ọ̀rúnmìlà wá bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé tí ẹ bá rìn títí tí ẹ dé ìlú yín, tí wọ́n gbé oúnjẹ tí ẹ fẹ́ràn jù kalẹ̀ fún yín, tí ẹ jẹ ẹ́ yó, kí lẹ máa ṣe? Ṣàngó tó fẹ́ràn gbẹ̀gìrì ní tí òun bá yó tán, òun á padà sí ilé òun. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe dáhùn. Ní ìgbẹ̀yìn, Orí nìkan ló kù tó lè bá ẹni rìn dé òpin.

Ẹ wo ohun tó mú àwọn òrìṣà padà nínú ìtàn yẹn: oúnjẹ ni. Oúnjẹ sì ni owó. Orí kò dúró de oúnjẹ kó tó tẹ̀ lé ẹ. Kì í ṣe pé Orí kì í jẹun o. A máa ń bọ Orí, ohun tí a ó fi bọ ọ́ sì máa ń jáde nínú ìdáfá. Àmọ́ ìyẹn ní ìgbà tirẹ̀, ó sì ní ẹni tó máa ń ṣe é. Kíkí Orí láàárọ̀ àti jíjíyìn fún un lálẹ́ kò gbówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní yunifásítì tún máa ń rántí ẹ̀rí mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, dé ibẹ̀ láìní ju ara wọn lọ. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin níbẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn ọmọ Lukumí máa ń ta omi sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò òrìṣà wọn, wọ́n á sì ka ìjúbà tí wọ́n ń pè ní moyúbà. Ẹ ò nílò ògbufọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé "mo júbà" nìyẹn. Omi àti ẹnu ló gbé e kọjá òkun.

Òwúrọ̀

Wá ife kan tàbí igbá kékeré kan. Ife àtijọ́ tó wà nílé tó o, ṣùgbọ́n láti òní lọ, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Má fi bu gàrí, má fi mu tíì. Fọ̀ ọ́ dáadáa kí o sì fi pamọ́ síbi tí ẹlòmíràn ò ní í ṣèèṣì mú un lò. Omi tó mọ́ tí o máa lè mu ni kí o bù sí i, ì báà jẹ́ omi kànga, omi ẹ̀rọ tàbí omi inú ọ̀rá. Kó tutù níwọ̀nba, kó má gbóná. Ìdajì ife ti tó.

Tí o bá jí, má tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, má sì tíì ṣí fóònù. Ohun tí ojú bá kọ́kọ́ rí ni ọkàn máa ń rù kiri. Tí o bá ti ka ọ̀rọ̀ èèyàn mẹ́wàá lórí fóònù kí o tó kí Orí rẹ, ọ̀rọ̀ wọn ni wàá máa rò bí o bá ń júbà. Lọ fọ ẹnu, bọ́jú, kí o wá bu omi sínú ife rẹ.

Dúró tàbí kí o kúnlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lò ń gbé, abọ́ kékeré kan lè gba omi tí o máa ta, kí o wá lọ dà á sílẹ̀ níta nígbà tó bá yá. Ta omi díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ti ìka rẹ bọ omi náà, fi kan iwájú orí rẹ, fi kan àwùjẹ lókè, kí o sì fi kan ìpàkọ́. Ohùn tí ìwọ fúnra rẹ lè gbọ́ ti tó, kò dìgbà tí àwọn ará ilé bá jí. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kúrú:

"Olódùmarè, mo júbà. Ilẹ̀ tí mo tẹ̀, mo júbà. Ọ̀rúnmìlà, mo júbà. Ẹ̀yin baba àti ìyá mi tí ẹ ti lọ, mo júbà. Orí mi, èmi lágbájá, ọmọ lágbájá, ni mo ń pè ọ́. O ṣeun tí o gbé mi di òní. Ohun kan tí mo ń lé lónìí ni báyìí. Má jẹ́ kí ẹnu mi bà á jẹ́, má jẹ́ kí ọwọ́ mi bà á jẹ́. Àṣẹ."

Orúkọ rẹ ni wàá fi sípò "lágbájá" àkọ́kọ́, kí o fi orúkọ ìyá rẹ sípò èkejì. Ẹ ṣọ́ra níbì kan o: "ẹ̀yin baba àti ìyá mi tí ẹ ti lọ", àwọn òkú nìkan ni. Bí bàbá rẹ bá wà láyé, má dárúkọ rẹ̀ mọ́ wọn. Bí o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, lọ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí i, tàbí kí o pè é lórí fóònù.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni "ohun kan tí mo ń lé lónìí". Ohun kan ni mo wí. Kó jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ìwọ náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. "Kí n dolówó" kì í ṣe ohun òní. "Kí n parí iṣẹ́ tí mo ti gba owó rẹ̀" ni ohun òní. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Gbé ife náà kalẹ̀ pẹ̀lú ìyókù omi inú rẹ̀, kí o bo ojú rẹ̀, kí o wá máa bá iṣẹ́ ọjọ́ lọ.

Alẹ́

Ìdajì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Wọ́n á tọrọ láàárọ̀, wọ́n á sùn lálẹ́ bí ẹni pé wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Lójú tèmi, ìwúre òwúrọ̀ láìsí ìjíyìn alẹ́ dà bí ẹni tó ń yá owó lójoojúmọ́ tí kì í ka gbèsè. Ifá máa ń pe Ọ̀rúnmìlà ní Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ẹlẹ́rìí ò wúlò níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í rò ẹjọ́.

Kí o tó sùn, jókòó, kí o ṣí ojú ife náà. Fọwọ́ kan iwájú orí rẹ kí o sọ nǹkan mẹ́ta, ní èdè tí o máa ń sọ lójoojúmọ́. Èkíní, ohun tí o sọ láàárọ̀ pé ò ń lé. Èkejì, ohun tí o ṣe nípa rẹ̀ àti ohun tí o kò ṣe, láìwá àwáwí. Ẹ̀kẹta, ẹnì kan tí o ṣẹ̀ tàbí tó ṣe ọ́ lóore lónìí, àti ohun tí o máa ṣe sí i lọ́la. Dúpẹ́, kí o dákẹ́ díẹ̀, ó parí.

Lẹ́yìn náà, da ìyókù omi òwúrọ̀ sílẹ̀ níta tàbí sí ìdí igi, fọ ife náà, kí o da ojú rẹ̀ dé. Má fi omi sínú rẹ̀ sùn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Omi tó dúró pẹ́ á gba erùpẹ̀, ẹ̀fọn á sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Má sì tan fìtílà tàbí àbẹ́là tì í kí o wá sùn lọ. Ilé àwọn kan ti jóná bẹ́ẹ̀, kò sì sí òrìṣà kankan tó rán wọn níṣẹ́.

Ọjọ́ Awo

Lójoojúmọ́, omi nìkan ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí o lè fi nǹkan díẹ̀ kún un, ìyẹn Ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ifá. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa: Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ tí í ṣe ti Òrìṣà-ńlá, Ọjọ́ Awo, Ọjọ́ Ògún àti Ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Àwọn àgbà máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ọrọọrún ni, tí àwọn ọmọ ilé ìwé á sì máa jiyàn pé mẹ́rin ni. Ọ̀kan náà ni.

Béèrè lọ́wọ́ babaláwo tó bá sún mọ́ ọ pé ọjọ́ wo ni Ọjọ́ Awo bọ́ sí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o máa béèrè. Ká ní ó bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, á wá padà sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ 28 ló fi yípo. Fi bírò yí wọn ká lórí kàlẹ́ńdà, wàá rí i pé Ọjọ́ Awo méje ló wà nínú ìyípo kan.

Tí owó bá wà, ra obì kan ṣoṣo fún ọ̀kan nínú méje yẹn. Obì àbàtà ni kí o béèrè, èyí tó máa ń ní awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbànja tí awẹ́ rẹ̀ jẹ́ méjì kọ́. Yan èyí tó le tí ara rẹ̀ ń dán. Tí o bá rí ihò kéékèèké lára rẹ̀, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Fi ewé tútù wé e tí o bá máa tọ́jú rẹ̀ dọ́la, kó má bàa gbẹ. Láàárọ̀ Ọjọ́ Awo, lẹ́yìn ìjúbà rẹ, fi obì náà kan iwájú orí, là á, ju ẹ̀rún kékeré kan sínú omi, kí o bá àwọn tó wà nítòsí jẹ ìyókù. Má da obì náà sílẹ̀ láti fi béèrè ìbéèrè. Obì dídà ní ojú tí a fi ń kà á, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ àgbà. Ẹni tí ò tíì kọ́ ọ, tó ń dà á lójoojúmọ́, á kàn máa fi obì dẹ́rù ba ara rẹ̀ ni. Ìwọ fi tìrẹ dúpẹ́. Bí owó obì ò bá sì sí, omi náà ni o máa lò lọ́jọ́ yẹn. Kò sí gbèsè nínú rẹ̀.

Bó ṣe rí lọ́wọ́ ẹnì kan

Ọmọbìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ó gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ pè mí, ẹnì kan tó pàdé lórí fóònù ti kọ ìwé ẹrù fún un: ọpọ́n, ìrùkẹ̀rẹ̀, ìdè, aṣọ funfun, ọtí, pẹ̀lú owó tó tó oúnjẹ oṣù mẹ́ta rẹ̀. Wọ́n ní Orí rẹ̀ ń bínú. Mo bi í pé, "Odù wo ló jáde tí ẹni yẹn fi mọ̀?" Ó ní, "Bàbá, kò dá nǹkan kan o. Fọ́tò mi ló wò." Mo ní kó gbé ìwé yẹn jù síbì kan.

Èèyàn mẹ́ta ló ń gbé yàrá kan pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń gbàdúrà ṣọ́ọ̀ṣì ní ìdájí. Kò lè pariwo, kò sì fẹ́ jà. Ó mú kọ́ọ̀pù tánganran kan tí etí rẹ̀ ti bó, ó sì ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ní aago márùn-ún ààbọ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ dára. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó sùn ju. Ní ọjọ́ kẹwàá, kò dìde rárá. Nígbà tí mo ní kó ka ohun tó ń sọ láàárọ̀ fún mi, nǹkan mọ́kànlá ló ń tọrọ, ó sì ń lo bí ogún ìṣẹ́jú. Àmì tí mo fi ń mọ̀ pé ètò kan ti wúwo jù nìyẹn: ẹni tó ń ṣe é á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un láìmọ̀. Mo ní kó mú ohun kan ṣoṣo. Ó padà sí ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì tún pa á jẹ mọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ìyókù ọjọ́ 28 náà.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó pè mí, ó ní, "Bàbá, mo ti ń sọ ohun kan náà fún Orí mi lálaalẹ́, ojú ń tì mí." Ó ti sọ ọ́ ní alẹ́ márùn-ún nínú méje pé òun parọ́ fún oníbàárà pé aṣọ á ti ṣe tán lọ́la, nígbà tí òun mọ̀ pé kò ní í ṣe tán. Ohun tó ń tọrọ láàárọ̀ ni kí oníbàárà pọ̀ sí i. Ẹ wò ó: ohun tí ẹnu ń pè láàárọ̀, ẹnu yẹn náà ló ń lé e lọ lọ́sàn-án. Kò sí ìdè tàbí ọpọ́n tó lè fi èyí hàn án. Ìjíyìn alẹ́ ló fi hàn án.

Ó yí ohun òwúrọ̀ rẹ̀ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Má jẹ́ kí ẹnu mi dá ọjọ́ tí ọwọ́ mi ò lè bá." Ó tún bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun máa kọ ọjọ́ tí aṣọ kọ̀ọ̀kan á jáde sínú ìwé, kí òun tó fún oníbàárà lésì. Kò dolówó lóṣù yẹn. Obì kan ṣoṣo ló rà nínú Ọjọ́ Awo méje. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀gá òun ti ń rán òun lọ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ báyìí, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ètò yìí mọ

Omi àti ìjúbà kò rọ́pò ìdáfá. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wúwo, bí ìgbéyàwó, ìrìn àjò tàbí ìdààmú tí kò lọ, lọ bá babaláwo kó dá Ifá fún ọ. Ifá á jáde ní orúkọ odù kan, babaláwo á sọ ìtàn rẹ̀, á sì sọ ẹbọ rẹ̀. Bí agbára rẹ ò bá ká ẹbọ náà, sọ fún un. Ó lè padà bi Ifá bóyá á gba èyí tó kéré sí i, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti dárúkọ owó kí ó tó dá Ifá, tó sì fi ìbẹ̀rù lé ọ kí o má bàa lè ronú, máa bá tìrẹ lọ.

Omi yìí kò sì rọ́pò dókítà. Bí ara ò bá yá, lọ sí ilé ìwòsàn, má sì dá oògùn tí wọ́n fún ọ dúró nítorí pé o ti ń júbà. Má já ewé tí o ò mọ̀ wẹ̀ tàbí mu nítorí pé o kà á níbì kan. Má ra ikin fúnra rẹ kí o máa tẹ̀ ẹ́. Àgbà ló máa ń fi ikin lé èèyàn lọ́wọ́.

Ká ìyípo kan, ọjọ́ 28, láìfi nǹkan kan kún un. Lẹ́yìn rẹ̀, jókòó kí o bi ara rẹ pé ohun wo ni mo sọ jù lálẹ́? Ìdáhùn yẹn ni kí o mú dání lọ bá babaláwo lọ́jọ́ tí o bá máa kọ́kọ́ lọ dá Ifá.